Òkìtì Tó Dì: Bí Dídì Òkìtì Ìdànù Ṣe Ń Yí Ìṣeré Àwọn Alábàáṣe Padà Nínú Kanásítà

Ìfáárà

Eré káàdì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù ni wọ́ọ̀tì. Nínú wọ́ọ̀tì, ẹni tí káàdì bá kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló jáwé olúborí, nítorí náà gbogbo akitiyan ẹni ni láti máa dín ọwọ́ ẹni kù. Kanásítà, eré tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí, jọ wọ́ọ̀tì ní ojú kan, nítorí pé nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí kò ní káàdì mọ́ lọ́wọ́ ló ń fi òpin sí ìpele. Ṣùgbọ́n àwọn àkókò kan wà nínú kanásítà tí ẹni tí káàdì kún ọwọ́ rẹ̀ ló lágbára, tí ẹni tó ti tẹ́ káàdì sílẹ̀ rẹpẹtẹ sì di ẹni tí kò rí nǹkan fi jagun. Ohun tó ń fa ìyípadà yìí ni dídì òkìtì ìdànù. Òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Àwọn òfin mìíràn tí a máa mẹ́nu bà, nítorí rẹ̀ ni.

Ìlú Mọntefidéò ní orílẹ̀-èdè Urugúè ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939. Segúndò Sántọ̀sì ni a mọ̀ mọ ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Ajẹntínà, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1949 sí 1950, ó ti di àríyá ilé kiri ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ èdè Sípáníìṣì ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni agbọ̀n. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ń gbà ta á lónìí, ṣùgbọ́n ti àtijọ́, ti ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n pín sí ọ̀wọ́ méjì, ni a ó tẹ̀lé níhìn-ín.

Àkójọ àti adípò

Páálí káàdì méjì pọ̀ pẹ̀lú jókà 4 ni a fi ń ta kanásítà, èyí tó mú káàdì jẹ́ 108. Ẹni méjì tó dojú kọ ara wọn ni alábàáṣe, máàkì wọn sì pọ̀ sójú kan. Káàdì 11 ni a pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù dojú bolẹ̀ láàárín tábìlì; a ó pe ìyẹn ní òkìtì ìfà. A ó ṣí káàdì kan sójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni ìpìlẹ̀ òkìtì ìdànù. Nígbà tí ó bá kan ẹnì kan, yóò fa káàdì kan, yóò tẹ́ ohun tó bá fẹ́ tẹ́ sílẹ̀, yóò sì ju káàdì kan sórí òkìtì ìdànù. Dípò kó fa ti orí òkìtì ìfà, ó lè kó gbogbo òkìtì ìdànù bí ó bá kún ojú ìwọ̀n. Kíkó òkìtì yìí ni ogun inú kanásítà. Ẹni tó ń fa káàdì kan-kan ń rìn. Ẹni tó kó òkìtì ogún káàdì ti fò.

Àkójọ ni káàdì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iye wọn bára mu: Ọba mẹ́ta, 8 mẹ́rin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí títò léra bíi 5, 6, 7 nínú eré yìí. Àkójọ jẹ́ ti ọ̀wọ́, kì í ṣe ti ẹnì kan: bí mo bá tẹ́ Ọba mẹ́ta, alábàáṣe mi lè fi Ọba kún un nígbà tí ó bá kàn án. Bí àkójọ bá ti pé káàdì 7, ó di kanásítà. Ògidì, tí kò ní àlùmọ̀ kankan, ń mú máàkì 500 wá. Àdàlú ń mú 300. Ọ̀wọ́ tí kò bá ní kanásítà kan, ó kéré tán, kò lè jáde.

Káàdì 2 mẹ́jọ àti jókà mẹ́rin ni adípò. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 12. Ẹni tó bá mọ 20 inú wọ́ọ̀tì á tètè lóye wọn, nítorí pé wọ́n lè dúró fún ohun tí a bá pè wọ́n. Síbẹ̀ òfin kò fún wọn láyè púpọ̀: àkójọ gbọ́dọ̀ ní ojúlówó méjì ó kéré tán, adípò inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Jókà jẹ́ máàkì 50, 2 àti Éèsì jẹ́ 20, láti Ọba títí dé 8 jẹ́ 10, láti 7 títí dé 4 àti 3 dúdú jẹ́ 5.

Àwọn 3 ní ìwà tiwọn. 3 pupa kì í dúró lọ́wọ́. A máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a fa òmíràn dípò rẹ̀, ó sì jẹ́ máàkì 100. 3 dúdú ni ìdènà: bí mo bá jù ú sórí òkìtì, ẹni tó tẹ̀ lé mi kò lè kó o lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù kí a tó dé orí dídì. Ọ̀wọ́ tí kò tíì tẹ́ ohunkóhun sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé iye kan kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí máàkì tí ọ̀wọ́ náà ti kó jọ kò bá tíì tó 1500, iye náà jẹ́ 50. Láti 1500 ó di 90, láti 3000 ó sì di 120. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi òkìtì ìdànù ṣe ìbẹ̀rẹ̀, káàdì orí òkìtì nìkan ló lè kà mọ́ ti ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò sí nínú ìṣirò àfi lẹ́yìn tí ó bá ti dé iye náà tán. Inú òfin kékeré yìí ni àwọn tó ń kọ́ eré náà ti máa ń kọsẹ̀ jù.

Kí ló túmọ̀ sí pé òkìtì dì?

Nígbà tí òkìtì kò bá dì, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀wọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ lè gbà kó o. Èkíní, bí ẹni náà bá ní ojúlówó méjì tó bá káàdì orí òkìtì mu. Èkejì, bí ó bá ní ojúlówó kan pẹ̀lú adípò kan. Ẹ̀kẹta, tó sì rọrùn jù, bí káàdì orí òkìtì bá bá àkójọ kan tí ọ̀wọ́ rẹ̀ ti tẹ́ sílẹ̀ mu. Nínú ọ̀nà ẹ̀kẹta yìí, kò nílò kí ohunkóhun wà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ju adípò kan sórí òkìtì, òkìtì dì fún gbogbo ènìyàn, bí omi ṣe ń di yìnyín. A máa ń gbé adípò náà ní ìbú kí ojú má baà gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn káàdì mìíràn bá ti bò ó. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ènìyàn ní ojúlówó méjì lọ́wọ́ tó bá káàdì orí òkìtì mu. A ó máa pe méjì yìí ní èjì. Ọ̀nà kejì ti pa dé, ẹ̀kẹta ti pa dé. Òkìtì náà kò sì ní yọ́ títí ẹnì kan yóò fi kó o. Ẹni tó tẹ̀ lé ẹni tó ju adípò náà kò tilẹ̀ lè kó o rárá lẹ́ẹ̀kan yẹn, nítorí pé a kì í kó òkìtì tí adípò wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a gbà lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀wọ́ tó ti tẹ́ àkójọ mẹ́rin sílẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tí òkìtì lè gbà wọlé fún un láìlo káàdì ọwọ́. Adípò kan ṣoṣo ti gbogbo ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nínú òfin, òkìtì ti dì fún irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, yálà adípò wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Èjì ojúlówó nìkan ni wọ́n lè fi kó o. Nítorí náà, bí ọ̀wọ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ bá mú òkìtì dì, kò pàdánù ẹ̀tọ́ kankan lórí òkìtì náà. Ohun tó ná an kò ju adípò kan lọ, ìyẹn pàápàá wà nínú òkìtì tí ó ń retí àtikó. Ìdí nìyí tí dídì fi jẹ́ ohun ìjà ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú tó tún ń mú òkìtì dì, mo rí i bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ láti ìta.

Ohun tó yí padà láàárín alábàáṣe méjì

Nígbà tí òkìtì kò dì, iṣẹ́ alábàáṣe rere ni láti tètè tẹ́ àkójọ sílẹ̀. Àkójọ tí mo bá tẹ́ di ilẹ̀kùn fún òun náà. Mo lè fọ́ èjì mi láìbẹ̀rù, mo lè fi adípò kún àwọn àkójọ kí wọ́n tètè di kanásítà, ohun tí mo sì ń sọ fún un nípa ọwọ́ mi hàn lórí tábìlì kedere.

Nígbà tí òkìtì bá dì, gbogbo èyí dorí kodò. Èjì tí mo bá tẹ́ sílẹ̀ kò jẹ́ èjì mọ́. Kò lè kó òkìtì. Káàdì mẹ́ta tí mo bá tẹ́ ti sọ ọwọ́ mi di fífúyẹ́, ọwọ́ tó fúyẹ́ kì í sì ní èjì púpọ̀. Ó tún ní ewu kejì tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kì í rí. Lójoojúmọ́ ìṣeré, ẹ gbọ́dọ̀ ju káàdì kan sílẹ̀. Ẹni tó ní káàdì 11 lè yan èyí tí kò léwu. Ẹni tó ní 4 kò ní ìyàn. Bó pẹ́ bó yá, yóò ju ohun tí alátakò ń wá. Nítorí náà ìwà tó bójú mu nínú òkìtì tó dì ni kí alábàáṣe méjèèjì di ọwọ́ wọn mú. Kí wọ́n má ṣe tẹ́ ohun tí kò pọn dandan. Kí wọ́n fi èjì pa mọ́, kí wọ́n sì máa ju ẹyọ-ẹyọ sílẹ̀.

Bí alábàáṣe mi bá ju 2 sórí òkìtì ní ìbú, kò sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ. Ó ń sọ pé èjì wà lọ́wọ́ òun. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe sáré, àti pé kí n ṣọ́ ohun tí n óò máa jù fún ẹni tó tẹ̀ lé mi. Bí mo bá wá dá a lóhùn nípa títẹ́ káàdì mẹ́sàn-án sílẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi láti rí wọn lórí tábìlì, mo ti fi í sílẹ̀ nínú ogun lóun nìkan. Ọ̀wọ́ tí wọ́n ní èjì mẹ́rin-mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìkẹ́kùn méjì. Ọ̀wọ́ tí ẹnì kan ti tú ọwọ́ rẹ̀ ká ni ìkẹ́kùn kan ṣoṣo. Alátakò tó wà níwájú ẹni tó tú ọwọ́ ká náà sì ń ju káàdì rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ìtumọ̀ káàdì tí kò léwu pẹ̀lú yí padà. Kí òkìtì tó dì, májèlé pọ́ńbélé ni káàdì tó bá àkójọ alátakò mu. Lẹ́yìn tí ó dì, irú káàdì yìí gan-an ni ó sábà máa ń dára jù láti jù. Ìdí rẹ̀ ni pé iye kọ̀ọ̀kan jẹ́ káàdì 8 péré nínú páálí méjì. Bí márùn-ún bá ti wà lórí tábìlì, tí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, méjì ló kù. Kí alátakò tó tẹ̀ lé mi tó lè ní èjì, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ó tún kù díẹ̀: kí òkìtì tó dì, ó ti ń fi gbogbo irú káàdì bẹ́ẹ̀ tó fà kún àkójọ rẹ̀. Èyí tó bá fà lẹ́yìn dídì nìkan ló kù láti bẹ̀rù.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a gbé ènìyàn mẹ́rin sí ibi mẹ́rin ayé: Àríwá àti Gúúsù jẹ́ alábàáṣe, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ alátakò wọn. Àríwá ló ń kọ́kọ́ ṣeré, ó kàn Ìlà-Oòrùn, ó kàn Gúúsù, ó wá kàn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀wọ́ méjèèjì kò tíì ní 1500, nítorí náà 50 ni ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ní ìyípo kejì, Ìlà-Oòrùn tẹ́ Ayaba mẹ́rin àti 9 méjì pẹ̀lú 2 kan. Ìyẹn jẹ́ 80. Káàdì 4 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ju ọ̀kan. Ní ìyípo kẹta, Ìwọ̀-Oòrùn fi Ayaba kan kún ti ilẹ̀, ó sì tẹ́ 6 mẹ́ta. Káàdì 7 ló kù lọ́wọ́ tirẹ̀. Àríwá àti Gúúsù kò tíì tẹ́ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó kó òkìtì láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí adípò nínú rẹ̀. Ní ìyípo kẹrin, Àríwá jù, Ìlà-Oòrùn jù, káàdì inú òkìtì di 15. Ó wá kan Gúúsù.

Gúúsù fa káàdì kan. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí: Ọba méjì, Jáàkì méjì, 8 méjì, 5 méjì, Ayaba kan, 9 kan, jókà kan, 2 kan. Àpapọ̀ 12.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tó ń kọ́ eré ni láti tẹ́ Jáàkì méjì pẹ̀lú jókà. Ìyẹn jẹ́ 70, ó ju 50 lọ. Ó tilẹ̀ lè fi Ọba méjì pẹ̀lú 2 kún un kí ó di 110. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, kí ni yóò jù? Ayaba àti 9 yóò gbé òkìtì náà lé Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ láìsí wàhálà kankan, nítorí àkójọ wọn wà nílẹ̀. Bí ó bá ju 8 tàbí 5, ó ti fọ́ èjì, Ìwọ̀-Oòrùn sì ní káàdì 7 lọ́wọ́ tí ẹyọ kan àti adípò kan nínú wọn ti tó láti kó o. Kò sí 3 dúdú lọ́wọ́ Gúúsù. Gbogbo ọ̀nà ló ní ẹ̀gún.

Gúúsù ju 2 náà, ó gbé e ní ìbú. Òkìtì di 16, ó sì dì. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ju jókà. Jókà jẹ́ 50 lójú òṣùwọ̀n, 2 sì jẹ́ 20, àwọn méjèèjì sì ń mú òkìtì dì bákan náà. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ó fi jókà pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rẹ̀. Bí Ọba bá bọ́ sílẹ̀, yóò tẹ́ Ọba mẹ́ta, 30, àti Jáàkì méjì pẹ̀lú jókà, 70. Bí 5 tó kéré jù bá bọ́ sílẹ̀, 15 pẹ̀lú 70 jẹ́ 85. Bí Jáàkì bá bọ́, Ọba ni yóò fi ti jókà. Èjì mẹ́rin ló ń ṣọ́ òkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè dé 50. Ká ní ó ju 2 láìní adípò mìíràn lọ́wọ́ ni, ìkẹ́kùn náà kò ní okùn: yóò rí Ọba lórí òkìtì, yóò ní èjì Ọba lọ́wọ́, kò sì ní lè kó o nítorí 30 kò tó 50.

Àwọn kan nínú àwọn tó mọ eré yìí dáadáa á ní kí Gúúsù tẹ́ Jáàkì méjì pẹ̀lú jókà ná, kí ó tó ju 2. Èrò wọn kì í ṣe asán. Bí Gúúsù bá ti bẹ̀rẹ̀, Àríwá náà kò nílò 50 mọ́. Èjì lásán ti tó fún un. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 120, èmi náà á gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé ó ṣòro kí ẹnì kan ní èjì kí ó tún ní 120 pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 50, mi ò ní tẹ́ ẹ. Títẹ́ ẹ gba èjì kan kúrò nínú mẹ́rin, ó sì fi han alátakò pé Jáàkì kò léwu láti jù mọ́.

Ó kan Ìwọ̀-Oòrùn. Kò lè kó òkìtì nítorí 2 wà lórí rẹ̀. Ó fa káàdì, ó ju 3 dúdú. Òkìtì di 17.

Ó kan Àríwá, níbí sì ni iṣẹ́ alábàáṣe wà. Àríwá fa káàdì. Ká sọ pé Éèsì mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, 60, tí ó lè fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé kó tẹ́ wọn? Ó rí i pé alábàáṣe òun ju 2, kò ju jókà, kò sì tẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò dà bí ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ ń ni lára. Àríwá fi Éèsì rẹ̀ pa mọ́. Ó wá ń wo ohun tí yóò jù fún Ìlà-Oòrùn. Ayaba kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìyípo tó kọjá, ìwà òmùgọ̀ ni kó jù ú. Nísinsìnyí, Ayaba márùn-ún wà nílẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà-Oòrùn, tó ní káàdì 4 péré, kò tíì fa káàdì kankan láti ìgbà tí òkìtì ti dì. Ayaba yòówù tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú, kò ní ìdí tí kò fi ní fi kún àkójọ rẹ̀. Àríwá ju Ayaba. Òkìtì di 18. Ìlà-Oòrùn wò ó, kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i, bí àkójọ Ayaba márùn-ún tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Ìlà-Oòrùn fa káàdì kan, ó ní márùn-ún lọ́wọ́. Kò sí 3 dúdú níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan. Ó ju 8. Òkìtì di 19.

Gúúsù tẹ́ 8 méjì rẹ̀, ó fi ti orí òkìtì sí i, 30. Ó tẹ́ Jáàkì méjì pẹ̀lú jókà, 70. Ó ti di 100. Ó wá kó káàdì 18 tó kù sọ́wọ́, mọ́ 6 tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di 24. 2 tó jù tẹ́lẹ̀ wà nínú wọn. Ayaba tí Àríwá jù wà níbẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, nítorí náà ó ti ní èjì Ayaba, bẹ́ẹ̀ ni Ìlà-Oòrùn kò rí ọ̀nà sọ àkójọ Ayaba di kanásítà ògidì mọ́. Òkìtì tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì kan tí Gúúsù bá jù, kò sì dì mọ́. Ní báyìí, ọ̀wọ́ Àríwá àti Gúúsù ló fẹ́ kí ó má dì, nítorí àwọn ni àkójọ yóò pọ̀ níwájú wọn.

Ibi tí dídì ti ń já ẹni kulẹ̀

Ọwọ́ tí kò ní èjì kò gbọdọ̀ mú òkìtì dì. Bí Gúúsù bá ní Ọba, Jáàkì, 10, 8, 7, 5 ní ẹyọ-ẹyọ, adípò tó jù yóò kàn máa tọ́jú òkìtì sanra fún ẹlòmíràn ni. Bákan náà ni bí alábàáṣe rẹ̀ bá ní káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́. Ènìyàn lè bi í ní iye káàdì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án, ìyẹn kò lòdì sí òfin. Alábàáṣe tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ kò lè kó òkìtì tó dì, kò sì ní káàdì tí kò léwu láti máa jù. Ẹni tó bá mú òkìtì dì mọ́ irú alábàáṣe bẹ́ẹ̀ lójú, ara rẹ̀ ló ń bá jà.

Ohun tó léwu jù ni eré sísá. Ọ̀wọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ lè pinnu pé àwọn kò fẹ́ òkìtì náà mọ́, kí wọ́n wá ọ̀nà láti tètè jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, Ayaba márùn-ún ló wà nílẹ̀. Ká ní adípò méjì wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni, ó lè fi wọ́n kún un kí ó di kanásítà àdàlú ní ìyípo kan náà. Láti ìgbà náà, Ìlà-Oòrùn tó ní káàdì 4 lè jáde nígbàkigbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tò. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ná adípò sórí àkójọ kan ṣoṣo, àti pé ọ̀kan nínú wọn kò bìkítà nípa ohun tó wà lórí òkìtì mọ́. Àmì tó hàn jù ni ìbéèrè tí òfin gbà láyè, tí ẹni tó fẹ́ parí ìpele máa ń bi alábàáṣe rẹ̀ kí ó tó tẹ́ káàdì: “Ṣé kí n jáde?” Ìdáhùn tó bá gbà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nígbà tí ìbéèrè náà bá dún létí ẹni, ó ti pẹ́ jù.

Nítorí náà, bí kanásítà alátakò bá ti délẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní káàdì mẹ́rin tàbí kéré jù bẹ́ẹ̀, kí Àríwá tẹ́ Éèsì mẹ́ta rẹ̀, kó má retí òkìtì mọ́. Gbogbo káàdì tó bá wà lọ́wọ́ nígbà tí alátakò jáde, a ó yọ máàkì rẹ̀ kúrò nínú ti ọ̀wọ́ wọn. Jókà kan àti Éèsì mẹ́ta nìkan ti jẹ́ 110. Bí ọ̀wọ́ náà kò bá sì tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, 3 pupa tó wà níwájú wọn, tí wọ́n ti ń wò bí èrè láti àárọ̀, yóò di gbèsè: 100 ni a ó yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.